Apá Ọ̀nà Tí Ìyá Oníwáyà Gbàgbé

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí èèyàn ṣe ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ tilẹ̀kùn mọ́ ara rẹ̀, kó wá gbọ́ ti Ìyá Oníwáyà. Kò sẹ́ni tó fipá tì í mọ́lé. Òun fúnra rẹ̀ ló pa ilẹ̀kùn dé, òun ló ṣòfin pé kí ẹnikẹ́ni má ṣí i, òun náà ló sì wá jókòó sínú yàrá tí òógùn ń bò ó, tí kò gbọ́dọ̀ dìde, tí kò gbọ́dọ̀ lanu sọ̀rọ̀, tí kò gbọ́dọ̀ wo ẹ̀yìn.

Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa fa wáyà íńtánẹ́ẹ̀tì wọ ilé àti ọ́fíìsì. Ọdún mọ́kànlá ló ti wà nídìí ẹ̀. Ó máa ń gun àkàbà láì wo ilẹ̀, ó sì lè to wáyà tín-ín-rín mẹ́jọ sẹ́nu ihò wọn nínú òkùnkùn òkè àjà láì ṣi ẹyọ kan. Àwọn ọkùnrin tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ló sọ ọ́ ní Ìyá Oníwáyà, orúkọ náà sì lẹ̀ mọ́ ọn pinpin, débi pé àwọn aládùúgbò ò rántí èyí tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ mọ́.

Ohun kan ṣoṣo ni kò ní: ìwé ẹ̀rí. Ọ̀gá iléeṣẹ́ wọn ti sọ ọ́ síta pé ẹni tó bá máa di olórí àwọn tó ń fa wáyà gbọ́dọ̀ yege nínú ìdánwò ńlá tí wọ́n ń ṣe nípa nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ìyá Oníwáyà ti ṣe é lẹ́ẹ̀mejì. Lákọ̀ọ́kọ́, máàkì méje ló kù ú kù. Lẹ́ẹ̀kejì, máàkì méjì péré, ìyẹn ló sì dùn ún jù. Òfin ìdánwò náà ni pé ẹni tó bá fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀kẹta á dúró fún odindi ọdún kan kó tó tún un ṣe, ọ̀gá ò sì ní dúró fún ọdún kan. Tí kò bá yege lọ́tẹ̀ yìí, ipò yẹn á bọ́ sọ́wọ́ ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó jẹ́ pé òun ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń di ẹ̀mú mú. Ó lè fara da òjò, ó lè fara da àkàbà tó ń mì, ṣùgbọ́n kó máa gbàṣẹ lẹ́nu ọmọ tó kọ́ níṣẹ́, ìyẹn ò ṣeé gbé mì fún un.

Ilé ni wọ́n ti ń ṣe ìdánwò náà báyìí, lórí kọ̀ǹpútà, níwájú kámẹ́rà. Alábòójútó kan á jókòó síbi tó jìnnà, á máa wo ojú ẹ, á máa gbọ́ mímí ẹ, á sì máa wo ohun tó wà lójú kọ̀ǹpútà rẹ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Fóònù ò gbọ́dọ̀ wà ní yàrá. Ẹlòmíràn ò gbọ́dọ̀ wọlé. Tó o bá sọ̀rọ̀ sókè, ó parí. Tó o bá dìde, ó parí. Tó bá sì parí báyẹn, wọ́n á kà á mọ́ ẹ lọ́rùn pé o ti ṣe é.

Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ló bí, ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Lọ́yà ni gbogbo ẹbí ń pè é, kì í sì í ṣe oríkì. Tó o bá ṣòfin fún ọmọ yẹn, á yẹ̀ ẹ́ wò lọ́tùn-ún lósì títí á fi rí ibi tó ti jò. Ìgbà tó wà ní ọmọ ọdún mẹ́fà, ìyá rẹ̀ kìlọ̀ fún un pé kò gbọ́dọ̀ ki ṣíbí bọ inú ìkòkò kí àlejò tó dé. Kò ki ṣíbí bọ̀ ọ́ lóòótọ́. Ife ló fi bù ú.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì tí ìdánwò ku ọ̀la, ìyá pè é sí pálọ̀, ó ní láti aago mẹ́wàá dé aago méjìlá, kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan íńtánẹ́ẹ̀tì. Lọ́yà ò jiyàn lójú ẹsẹ̀. Ó kọ́kọ́ ronú, èyí tó burú ju iyàn lọ.

"Mọ́mì, fóònù tèmi yàtọ̀, kọ̀ǹpútà tiyín yàtọ̀. Kí ló wá kan tèmi nínú tiyín?"

Ká ní ẹlòmíràn ló bí i ni, á ní kó dákẹ́. Ṣùgbọ́n Ìyá Oníwáyà kì í lè dákẹ́ tí ọ̀rọ̀ bá di ti nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ó fa páálí kan tí wáyà wà nínú ẹ̀ tẹ́lẹ̀ ya, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì, ó mú máakà dúdú, ó ya ilé kan pẹ̀lú yàrá mẹ́rin. Ó ya géètì sí iwájú ilé. Láti ẹnu géètì, ó fa ọ̀nà gbọọrọ kan lọ sí ìpẹ̀kun páálí.

Ó ní géètì yẹn ni ráútà, àpótí kékeré tó ń ṣẹ́jú iná lórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n wọn. Gbogbo ẹ̀rọ tó wà nínú ilé, ìbáà jẹ́ fóònù, ìbáà jẹ́ kọ̀ǹpútà, ìbáà jẹ́ tẹlifíṣọ̀n, yàrá tirẹ̀ ló wà, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó ní ọ̀nà tirẹ̀. Ẹnu géètì yẹn ni gbogbo wọn ń gbà, ọ̀nà kan yẹn náà ni wọ́n ń tọ̀. Kò sì sí ẹrù tó ń lọ lódindi. Fídíò kan ṣoṣo, wọ́n á gé e wẹ́wẹ́, wọ́n á di í sínú ọkọ̀ kéékèèké bí ẹgbẹẹgbẹ̀rún, àdírẹ́sì ibi tí wọ́n ń lọ á wà lára ìkọ̀ọ̀kan, wọ́n á tò tẹ̀lé ara wọn, tí wọ́n bá sì dé ibi tí wọ́n ń lọ, wọ́n á tún to ẹrù náà jọ. Ọkọ̀ tèmi, ọkọ̀ tìẹ, ọkọ̀ tẹlifíṣọ̀n, wọ́n á ki ara wọn bọ àárín ara wọn lójú pópó. Tí ọkọ̀ ò bá pọ̀, kálukú á máa sáré, wàá rò pé ìwọ nìkan lo ni ọ̀nà. Tí ọkọ̀ bá pọ̀ ju ọ̀nà lọ, kò sẹ́ni tó máa jẹ́ kí ọ̀nà fẹ̀ sí i. Wọ́n á tò sẹ́nu géètì ni. Ìlà náà á máa gùn, èyí tó bá sì dé tí kò ráyè mọ́, wọ́n á dà á nù, á di pé kí wọ́n tún rán òmíràn.

Lọ́yà fi ìka tọ ọ̀nà orí páálí. Ó béèrè pé ṣé mẹ́sèèjì lásán náà wà níbẹ̀. Ìyá ní mẹ́sèèjì kò ju kẹ̀kẹ́ kan lọ, kò sí bí ọ̀nà ṣe lè kún tó tí kẹ̀kẹ́ ò ní rí ibi yọ sí bó bá yá. Fíìmù ló dà bí ọ̀wọ́ tírélà.

"Tí wọ́n bá fẹ́ gbé aláìsàn kọjá lójú pópó," Lọ́yà wí, "ṣé wọ́n máa ń lé gbogbo èèyàn kúrò nílùú ni? Àbí wọ́n á kàn ní kí wọ́n yà fún un?"

Ìyá Oníwáyà rẹ́rìn-ín. Ó wù ú pé ọmọ òun gbọ́n tó bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ gan-an sì ni wàhálà ti wọlé. Ojú ń tì í láti sọ pé òun, tó ń gba owó lọ́wọ́ àwọn èèyàn kí ogún ẹ̀rọ lè pín ọ̀nà kan láìjà, kò lè jẹ́ kí ẹ̀rọ méjì pín ọ̀nà kan nílé ara rẹ̀. Ó ní ó dáa, òun á fi wọ́dà tó ń darí ọkọ̀ sẹ́nu géètì. Ó ṣí ojú ewé tí wọ́n ti ń ṣètò ráútà lórí kọ̀ǹpútà, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọkọ̀ tó bá ń bọ̀ wá sọ́dọ̀ kọ̀ǹpútà tòun ni kó kọ́kọ́ máa kọjá ṣáájú ti ẹnikẹ́ni. Ó tún fa wáyà búlúù kan láti ara ráútà gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọ yàrá rẹ̀, kó má bàa gbára lé wáìfáì. Lẹ́yìn náà ló ṣòfin. Kò sí fíìmù, kò sí orin, kò sí géèmù, kò sí ohunkóhun tó ń kó ẹrù wọlé. Lọ́yà ò gbọ́dọ̀ ṣí ilẹ̀kùn, kò sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan ráútà, ohun yòówù kó ṣẹlẹ̀.

"Ohunkóhun tó ń kó ẹrù wọlé," Lọ́yà tún un sọ, bí ẹni tó ń kọ ọ́ sílẹ̀ ní kóòtù. Ó wo páálí náà dáadáa. Apá méjì ni ìyá rẹ̀ ya ọ̀nà yẹn sí, apá àwọlé àti apá àjáde, wọ́n sì fẹ̀ dọ́gba-dọ́gba.

Nígbà tó di òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé, aago mẹ́wàá lù, Ìyá Oníwáyà ti jókòó. Alábòójútó ní kó gbé kámẹ́rà yí yàrá ká. Ó fi ògiri mẹ́rẹ̀ẹ̀rin hàn án, ó fi abẹ́ tábìlì hàn án, ó ká ọwọ́ aṣọ sókè kó lè rí ọrùn ọwọ́ rẹ̀. Ìbéèrè àádọ́rùn-ún ló wà níwájú rẹ̀, wákàtí méjì ló sì ní. Ọgbọ̀n ìbéèrè àkọ́kọ́ lọ geerege. Nígbà tó dé àádọ́ta, ó ti ń fọkàn rìn nínú ọ́fíìsì ọ̀gá, ó ti ń rí bí òun á ṣe gbé ìwé náà ka orí tábìlì láì sọ̀rọ̀.

Aago mọ́kànlá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó dáhùn ìbéèrè kẹtàlélọ́gọ́ta, ó tẹ ibi tí wọ́n fi ń kọjá sí òmíràn. Òrùka kékeré kan bẹ̀rẹ̀ sí yí. Ó yí, ó yí, ó ṣì ń yí. Kí ìbéèrè tó kàn tó yọ, ó ti ka mọ́kàndínlógún nínú ọkàn rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan yọ ní igun kọ̀ǹpútà. Alábòójútó ló kọ ọ́. Ó ní àwòrán rẹ̀ ti dúró gbagidi, òun ò rí i kó mira mọ́. Ìyá Oníwáyà kọ ọ́ padà pé òun wà níbí, òun ò kúrò. Ó tẹ ẹ́ ránṣẹ́. Àmì pé ọ̀rọ̀ náà ti lọ kò yọ. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan gbáko ló tó yọ, nígbà yẹn alábòójútó ti kọ òmíràn: ó ní àwòrán náà padà díẹ̀, ó sì tún ti dúró. Tó bá ń bá a lọ báyìí, òun á dá ìdánwò dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Tí òun ò bá rí i kedere kí ìṣẹ́jú mẹ́wàá náà tó pé, òun á tì í pa.

Ohun tó wá sí i lọ́kàn ni pé ọmọ yìí ti ń wo fíìmù. Inú bí i gidi. Ó ń fi etí kó ìró pálọ̀, ṣùgbọ́n kò gbọ́ orin, kò gbọ́ ẹ̀rín, kò gbọ́ ìbọn tó máa ń dún nínú géèmù. Ó wo wáyà búlúù tó gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé. Wáyà náà dára, òun fúnra rẹ̀ ló fi ọwọ́ di ẹnu rẹ̀, iná tó wà létí ihò rẹ̀ ń ṣẹ́jú bó ṣe yẹ. Láti ibí dé géètì, kò sí wàhálà kankan.

Ọ̀rọ̀ kẹta wọlé. Ó wọlé wẹ́rẹ́, kò lọ́ra rárá. Alábòójútó ti dá aago dúró, ìṣẹ́jú mẹ́wàá ti bẹ̀rẹ̀ sí kà sẹ́yìn ní pupa lókè kọ̀ǹpútà.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti yé e, kò sì sí ìtura nínú yíyé ọ̀hún. Ọ̀rọ̀ alábòójútó ń wọlé, tiẹ̀ ni kò jáde. Ojú rẹ̀ tí kámẹ́rà ń yà, ohùn yàrá, ohun tó wà lójú kọ̀ǹpútà, gbogbo ẹ̀ ni ẹrù tó ń jáde lọ sọ́dọ̀ alábòójútó ní ìṣẹ́jú-ìṣẹ́jú. Kódà títẹ̀ tó ń tẹ ìbéèrè tó kàn, ìránṣẹ́ ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jáde lọ béèrè kí ìbéèrè tó lè wọlé. Apá àjáde ló dí. Nínú ilé rẹ̀, òun tó sanwó ẹ̀ lóṣooṣù tó sì mọ̀ ọ́n, apá àwọlé fẹ̀ ní ìlọ́po mẹ́wàá apá àjáde. Ọ̀nà àwọlé dà bíi títì ńlá, tàjáde ò ju ẹsẹ̀ ọ̀nà lọ. Ó sì ya wọ́n ní dọ́gba-dọ́gba lórí páálí fún ọmọ òfin. Ó fi wọ́dà sí apá àwọlé, ó fi àjáde sílẹ̀ láìní olùṣọ́.

Ìdí tó fi ṣe bẹ́ẹ̀ ò le. Láti ọdún mọ́kànlá tó ti ń wọ ilé oníléé, ẹjọ́ kan náà ni wọ́n ń rò fún un: fíìmù ò wọlé, bọ́ọ̀lù ń gé lójú tẹlifíṣọ̀n, orin ń dúró. Ẹjọ́ àwọlé ni gbogbo ẹ̀. Kò tíì sí oníbàárà kan tó pè é rí pé ohun tí òun ń rán jáde ló há. Ohun tó ń tún ṣe lójoojúmọ́ ló kọ́ ọ láti gbàgbé ìdajì ọ̀nà.

Ìṣẹ́jú mẹ́jọ ló kù. Ó kọ ọ́ sí alábòójútó pé òun mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, pé kó jọ̀ọ́ jẹ́ kí òun dìde fún ogún ìṣẹ́jú-àáyá péré. Ọ̀rọ̀ náà dúró sẹ́nu géètì pẹ́ kó tó lọ. Èsì sì padà kíá, ó mú ṣáṣá: dídìde á fòpin sí ìdánwò.

Ó jókòó. Ó fi ọwọ́ méjèèjì tẹ tábìlì. Ilẹ̀kùn ò ju ìṣísẹ̀ mẹ́ta sí i lọ. Tó bá kàn pe orúkọ ọmọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ọ̀rọ̀ á tán, ìdánwò náà á sì tán pẹ̀lú ẹ̀. Ó rò ó bóyá kóun wúkọ́, bóyá kóun kan tábìlì, ṣùgbọ́n etí ẹ̀rọ wà nílẹ̀, wọ́n á ní àmì ló ń fún ẹnìkan. Ó rò ó bóyá kóun fi ẹsẹ̀ fa wáyà búlúù kó lè mì níta, ó wá rántí pé wáyà yẹn gan-an ni òun so mọ́. Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i, ṣùgbọ́n ilé tirẹ̀ ń jó, kò sì rí ẹwà kankan níbẹ̀. Ẹni kan ṣoṣo tó lè gbà á wà níta, òun fúnra rẹ̀ ló sì ti fi òfin dè é lọ́wọ́ àtẹsẹ̀: má ṣílẹ̀kùn, má fọwọ́ kan ráútà. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó gbàdúrà kí ọmọ náà rú òfin.

Ìṣẹ́jú mẹ́fà. Ó gbọ́ ẹsẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ẹsẹ̀ náà rọra ń bọ̀, ó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn. Òjìji rẹ̀ hàn lábẹ́ ilẹ̀kùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ wáyà, ìyẹn ni pé ó hàn ní ìkángun ojú rẹ̀, torí kò gbọ́dọ̀ yíjú síbẹ̀. Gbogbo ara rẹ̀ ń yíjú, orí rẹ̀ nìkan ni kò yí. Ó ń wí nínú ikùn pé, "Má ṣí i. Ronú. Ìwọ tó o máa ń rojọ́ pẹ̀lú àwo oúnjẹ, ronú." Ẹsẹ̀ náà dúró pẹ́. Lẹ́yìn náà ló padà lọ.

Ìṣẹ́jú márùn-ún. Ìṣẹ́jú mẹ́rin. Ojú ń ta á, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí ronú bí òun á ṣe máa kí ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn lówùúrọ̀, bóyá "ọ̀gá" lòun á máa pè é tàbí òun á kàn máa tẹríba láì dárúkọ kankan.

Nígbà tó ku ìṣẹ́jú mẹ́ta ó lé díẹ̀, iná tó wà létí ihò wáyà, tó ti ń ṣẹ́jú bíi were, dínkù. Àmì pé ọ̀rọ̀ lọ yọ lẹ́ẹ̀kan náà sára gbogbo ohun tó ti kọ. Alábòójútó kọ ọ́ pé òun ti ń rí i kedere. Ó ní kó jọ̀ọ́ gbé orí sókè. Ó gbé e sókè. Aago pupa parẹ́, ìbéèrè kẹrìnlélọ́gọ́ta padà wá, Ìyá Oníwáyà sì fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ó ń bá iṣẹ́ lọ.

Aago méjìlá kọjá díẹ̀ ni èsì yọ. Ó yege. Máàkì mẹ́rin ló fi lé. Alábòójútó kí i kú oríire, kámẹ́rà kú, òun náà sì dìde tòun ti àga, ó ṣí ilẹ̀kùn pẹ̀lú ariwo tó ti há sí i láyà láti wákàtí méjì.

Lọ́yà jókòó sílẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó fẹ̀yìn ti ògiri, páálí wà lórí itan rẹ̀, ó da ojú fóònù délẹ̀. Ó ní òun ti gbọ́ látẹ̀yìn ilẹ̀kùn pé ìyá òun yege, ó dìde, ó dì mọ́ ìyá rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìdìmọ́ náà ò le, ìyá sì jẹ́ ẹni tó máa ń tètè mọ̀ tí wáyà kan ò bá wọlé dáadáa. Ó bi í pé kí ló ṣẹlẹ̀.

Ọmọ náà rò ó lẹ́sẹẹsẹ. Fídíò kan wà tí olùkọ́ ẹ̀kọ́ ilẹ̀ ayé ní kí wọ́n ṣe nípa bí òjò ṣe ń wọ́ ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ títì lọ. Ọjọ́ Ajé ni gbogbo wọn mọ̀ sí, ìyá rẹ̀ náà mọ̀. Ní nǹkan bí aago mọ́kànlá ku díẹ̀, mẹ́sèèjì wọlé pé olùkọ́ ti yí i padà, pé aago méjìlá ọ̀sán òní ni wọ́n á ti ibi tí wọ́n ń fi í ránṣẹ́ sí pa. Ó wo òfin. Òfin ní ohunkóhun tó ń kó ẹrù wọlé. Fídíò tirẹ̀ ń jáde ni. Ó wo páálí, ó rí i pé apá tó ń jáde fẹ̀, ó sì ṣófo. Aago mọ́kànlá kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún ló tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́.

"Kí ló wá mú ọ dá a dúró?"

"Mo fẹ́ sọ fún ọ̀rẹ́ mi pé mo ti ń rán tèmi. Mẹ́sèèjì kan lásán. Kò lọ." Lọ́yà gbé páálí sókè. "Ẹ ní kẹ̀kẹ́ á máa rí ibi yọ sí. Tí kẹ̀kẹ́ ò bá lè jáde, a jẹ́ pé ibẹ̀ ti kún. Mo wá ń rò ó pé ta ló tún wà níbẹ̀ yàtọ̀ sí èmi. Mo wá dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn yín. Ni mo rántí pé alábòójútó yẹn ń wo ojú yín. Ojú yín náà ń jáde ni."

Ìyá Oníwáyà wo apá àjáde tó yà sórí páálí.

"N ò ṣílẹ̀kùn o," Lọ́yà wí. "N ò sì fọwọ́ kan ráútà. Mo kàn fagi lé tèmi ni. Ó ti lọ tó ìdá kan nínú mẹ́ta." Ó wá béèrè ohun tó ti wà nínú rẹ̀ láti ìgbà yẹn, kò béèrè rẹ̀ bí ẹni tó ń rojọ́: "Mọ́mì, tí ẹ bá mọ̀ pé ó há tó báyẹn, kí ló dé tí ẹ yà á fẹ̀?"

Kò sí ìdáhùn míì ju òtítọ́ lọ. Ìyá ní òun ò rò ó ni. Ó ní òun mọ̀ ọ́n ní orí, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń béèrè ẹ̀ lọ́wọ́ òun, òun náà ò sì bi ara òun. Ó tún ní apá àjáde gan-an ni wọ́dà ẹnu géètì lágbára lé lórí jù, torí inú ilé lọkọ̀ ti ń jáde, ojú wọ́dà ló ti ń tò. Ká ní òun fi wọ́dà síbẹ̀ lánàá, àwọn méjèèjì ni ì bá kọjá, fídíò á kàn máa rọra tẹ̀lé e lẹ́yìn. Bó ṣe ń sọ ọ́ ni ẹ̀bi ń wọ̀ ọ́ lára, torí pé ọmọ náà ti mọ̀, lójú ẹsẹ̀ tó fagi lé e, pé kò sí bí òun ṣe lè bá aago méjìlá mọ́.

Ó gba fóònù, ó pe olùkọ́. Olùkọ́ náà kì í ṣe ẹni tó rọ̀, gbogbo ilé ìwé ló sì mọ ohun tó máa ń sọ. Kò tíì jẹ́ kó kí òun tán tó fi ní kó má wulẹ̀ sọ nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóun, torí gbogbo òbí tó pè láti àárọ̀ ló ti sọ ọ́.

"Kì í ṣe nẹ́tíwọ́ọ̀kì," Ìyá Oníwáyà dá a lóhùn. "Èmi ni. Ọmọ mi ń lọ, èmi ni mo dí i lọ́nà."

Olùkọ́ ní òun á ṣí i sílẹ̀ fún un dé aago kan ààbọ̀, ṣùgbọ́n òun á yọ máàkì mẹ́wàá fún pípẹ́. Lọ́yà, tó ń fetí kọ́ ọ, mi orí pé òun gbà.

Ìyá Oníwáyà bẹ̀rẹ̀ sí rìn káàkiri ilé. Ó pa tẹlifíṣọ̀n. Ó yọ wáyà búlúù kúrò lára ráútà. Ó pa kọ̀ǹpútà tó fi ṣèdánwò, ó sì pa fóònù ara rẹ̀. Àwòrán èsì ìdánwò wà nínú fóònù yẹn, tó ti kọ orúkọ ọ̀gá sókè ẹ̀, tó ku kó tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́. Lọ́yà tẹ fídíò rẹ̀. Ojú fóònù ní ó máa tó àádọ́ta ìṣẹ́jú kó tó lọ tán.

"Mọ́mì, àwòrán kan ṣoṣo ni tiyín," Lọ́yà wí. "Kẹ̀kẹ́ ni. Ẹ lè fi ránṣẹ́."

Ìyá fa àga kan wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ ráútà, ó jókòó, ó mú máakà. Ó tún apá àjáde orí páálí náà yà, ó dín in kù títí kò fi ju ìka kan lọ. Ó ní kí ti Lọ́yà kọ́kọ́ kọjá ná. Lẹ́yìn ìyẹn, kò dìde mọ́, kò sì sọ̀rọ̀ púpọ̀, títí aago kan fi kọjá ìṣẹ́jú mẹ́jọ tí Lọ́yà fi ní fídíò òun ti lọ.